"Ìdọ̀rinrinmú": ṣé ọwọ́ ni afẹ́fẹ́ fi ń di omi mú ni?

Akín: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń kọ ìwé sáyẹ́ǹsì fún àwọn ọmọ iléèwé. Bí afẹ́fẹ́ gbígbóná ṣe ń gba omi púpọ̀ ni mo pè ní "ìdọ̀rinrinmú". Ṣé ó tọ̀nà? Báwo ni ó ṣe wá ń mú kí ọ̀wààrà òjò le sí i?

Olùkọ́ Àgbà: Akín, ìpajẹ ti gbé ohùn ìsàlẹ̀ orí "dì" lọ. Ta ni yóò mọ̀ bóyá "dì mú" lo ní lọ́kàn àbí "di ọ̀rinrin"? "Mú" yẹn ló tilẹ̀ bí mi nínú jù. Afẹ́fẹ́ kì í ṣe kànìnkànìn. Omi inú agbada ń fò lọ, òmíràn ń padà já sínú rẹ̀. Tí ooru bá mú, èyí tó ń fò lọ á pọ̀ sí i, títí àlọ àti àbọ̀ á tún fi dọ́gba. Ìgbà náà ni afẹ́fẹ́ yó. Afẹ́fẹ́ inú àpótí tó jẹ́ mítà kan níbùú, lóròó àti lóòró, gíráàmù omi 17 ni yóò fi yó ní ìwọ̀n 20 Sẹ́síọ́ọ̀sì. Ní 30, ó di nǹkan bí gíráàmù 30. "Ìyómi" ni kí o kọ.

Ìyá Ìbejì: Ìyómi kẹ̀! Ikùn ló ń yó. Ọmọ tí kò bá rí àmì á kà á sí "yọ́", bí òrí ṣe ń yọ́. Ìyá ìyá mi ní Ṣakí kò fún un lórúkọ kankan. Bí ooru bá lé e síta lóru, á ní, "Ẹ kó igi wọlé, òjò ń bọ̀." Bí ayé bá ń gbóná, ibi gbogbo ni òjò á ti pọ̀ sí i, ó parí.

Olùkọ́ Àgbà: Kò tíì parí, ìyá. Ìwọ̀n ooru kan tó bá lé, ìyó afẹ́fẹ́ á fi nǹkan bí ìdá 7 nínú 100 pọ̀ sí i. Òjò gbogbo ayé lápapọ̀ kì í yára tó bẹ́ẹ̀, bí ìdá 2 sí 3 ni. Ọ̀wààrà ló máa ń sún mọ́ ìdá 7, torí pé ó ń gbá ọ̀rinrin àyíká jọ, ó sì ń dà á sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí ọ̀rinrin bá sì di ẹ̀kán omi lókè, ooru tó tú jáde á tún ti ìkùukùu sókè, á fa afẹ́fẹ́ mìíràn wọlé láti ìsàlẹ̀. Níbi tí afẹ́fẹ́ kò bá ti gòkè lọ tutù, kò sí òjò. Omi ilẹ̀ ló máa fà gbẹ.

Dàpọ̀: Ẹ̀yin lẹ ń jà lórí àmì. Ní ọjọ́ 26 oṣù Ògún 2011, òjò tó tó mìlímítà 187.5 rọ̀ sí Ìbàdàn láàárín wákàtí díẹ̀. Omi dé àyà mi nínú yàrá. Gọ́tà tó dí ló fà á, ẹ má dárúkọ afẹ́fẹ́ fún mi.

Olùkọ́ Àgbà: Gọ́tà jẹ̀bi, mi ò jiyàn. Òjò kan ṣoṣo náà kò tó láti fi dá ooru lẹ́bi. Ṣùgbọ́n kí irú òjò yẹn rọ̀ nígbà tí ayé bá fi ìwọ̀n kan gbóná sí i: 187.5 á súnmọ́ 200, gọ́tà ò sì ní fẹ̀ sí i.

Akín: Ẹ ṣé, bàbá. Mo ti yọ "dì" àti "mú". "Ìgbọ̀rinrin" ńkọ́?

Ìyá Ìbejì: "Gbà" àbí "gbá"?