Oníbàárà Jámánì fi orúkọ àbísọ rẹ̀ nìkan parí ímeèlì: báwo ni kí n ṣe dá a lóhùn?

Aláró Abẹ́òkúta: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Obìnrin kan tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Hamburg ń ra àdìrẹ ẹlẹ́kọ lọ́wọ́ wa. Èdè Gẹ̀ẹ́sì la fi ń kọ̀wé síra wa. Nínú ímeèlì méjì àkọ́kọ́, orúkọ rẹ̀ ní kíkún pẹ̀lú "Dr." ló wà nísàlẹ̀. Èyí tó dé lánàá, "Best regards, Katrin" nìkan ni. Òjò sì ti dá wa dúró: nínú ọ̀pá 40 tó fẹ́, 15 péré ló ṣe tán. Mo ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà pẹ̀lú "My dear Katrin", mo béèrè àlàáfíà ọkọ àti ọmọ, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ìpínrọ̀ kẹta ni mo wá dárúkọ òjò. Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀?

Túndé: Yọ gbogbo ìkíni kúrò. Àwọn ará Jámánì kì í fẹ́ ọ̀rọ̀ gígùn. Kọ iye ọ̀pá àti ọjọ́, kí o sì fi ránṣẹ́.

Àǹtí Bísí: Túndé, ibi tí o ti rí i gbà ni pé kí ọ̀rọ̀ tètè yọjú. Ṣùgbọ́n ímeèlì tí kò ní ìkíni lókè àti ìdágbére nísàlẹ̀, àfojúdi ni wọ́n máa kà á sí. Ohun tó yẹ kó kúrò ni ọkọ àti ọmọ, nítorí kò fìgbà kan mẹ́nu bà wọ́n. Òun ló ń ṣètò iṣẹ́, ilé rẹ̀ ò sí nínú rẹ̀.

Aláró, àbúrò mi, má wo ìsàlẹ̀ nìkan. Kí ló fi kí ọ lókè? Bó bá jẹ́ orúkọ ìdílé rẹ, ó ṣì dúró lágbedeméjì: kọ "Dear Dr." àti orúkọ ìdílé tirẹ̀, kí o fi orúkọ àbísọ rẹ parí, kí o wá wo ohun tó máa ṣe.

Aláró Abẹ́òkúta: Àǹtí, orúkọ àbísọ mi ló wà lókè.

Àǹtí Bísí: Ó ti ṣílẹ̀kùn nìyẹn. Kọ "Dear Katrin", láìsí "My". Ṣùgbọ́n inú Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló ti ṣí i. Àwọn náà ní ẹ àti o bíi tiwa: Sie ni ẹ, du ni o. Bí o bá fẹ́ kọ gbólóhùn kan ní Jámánì, Sie ni kí o lò títí tí òun fúnra rẹ̀ á fi ní kí o yí i padà. Àgbà tàbí ẹni tó ń rajà ló sábà máa ń sọ ọ́ kọ́kọ́, kì í ṣe ẹni tó ń tajà.

Ní ti ìdádúró, fi nọ́ńbà ọjà àti "15 of 40 yards ready" sí àkọlé. Gbólóhùn kìíní: ọ̀pá 15 máa kúrò lọ́jọ́ Túsìdeè, 25 yòókù ní 28 October. Ìkejì: ẹ̀kọ tí a fi ya ara aṣọ gbọ́dọ̀ gbẹ kí a tó rì í sínú aró, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á ṣí, iṣẹ́ ọnà á sì bàjẹ́. Irú ìdí báyìí máa ń tẹ́ wọn lọ́rùn, nítorí ó ṣeé yẹ̀ wò. Ìkẹta: ṣé kí 15 máa bọ̀ ná, àbí kí gbogbo rẹ̀ jọ wá?

Ẹ̀ẹ̀kan ni kí o tọrọ àforíjì. Bí o bá ṣe é nígbà mẹ́rin, á rò pé ohun kan wà nísàlẹ̀ tí o kò sọ. Má sì kọ "by God's grace" sí ẹ̀gbẹ́ ọjọ́ náà. Àdúrà ni létí wa, àmọ́ létí tirẹ̀, ọjọ́ tí kò dájú ni. Fi ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún kún un nítorí òjò, kí o kọ ọjọ́ tí o lè dì mú.

Mosún: Ẹ jọ̀ọ́, èmi ń kọ̀wé sí ẹnì kan ní São Paulo. Ohùn ló máa ń gbà ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ó sì máa ń fi "abraço", ìyẹn ìdìmọ́ra ní èdè wọn, parí. Ṣé kí èmi náà padà sí "Dr."?

Àǹtí Bísí: Rárá, Mosún. Tìrẹ yàtọ̀. Ẹni tó ń kọ "abraço" sí ọ, bí o bá le mọ́ ọn, á rò pé inú ń bí ọ. Ní Brazil, orúkọ àbísọ ni wọ́n fi ń pe èèyàn, kódà bí wọ́n bá fi "Dona" síwájú rẹ̀ fún àgbàlagbà obìnrin. Béèrè àlàáfíà rẹ̀ kí o tó sọ ọ̀rọ̀ owó.

Túndé: Ṣé Aláró ò kàn lè fi WhatsApp sọ ọ̀rọ̀ ìdádúró yìí? Ó yá jù.

Àǹtí Bísí: Èmi ò ní gbà á níyànjú. Ó lè fẹ́ fi ìwé náà han ẹni tó ń bá a ṣírò owó.

Túndé: Bó bá ti fún un ní nọ́ńbà fúnra rẹ̀, mi ò rí ohun tó burú níbẹ̀.

Aláró Abẹ́òkúta: Kò tíì fún mi. Ímeèlì ni màá lò. Àǹtí, ọ̀la Fráídéè ni mo fẹ́ fi ránṣẹ́. Ṣé mo lè kí i kú òpin ọ̀sẹ̀?

Àǹtí Bísí: O lè ṣe é. Àwọn náà máa ń kí bẹ́ẹ̀ ní Fráídéè. Gbólóhùn kan péré, kó tẹ̀lé ìbéèrè nípa ọ̀pá 15 náà, kí orúkọ rẹ wá tẹ̀lé e.