Wọ́n ní ọ̀dà òpó irin mi kò tó: ṣé irin náà ń jóná ni?

Onílé: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí ní ìmọ̀ràn, nítorí ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Olùyẹ̀wò ilé wá wo òpó irin mẹ́rin tó gbé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì mi ró, kò pẹ́ rárá tó fi ní òun kò lè fọwọ́ sí i. Ọ̀dà adènà-iná ni mo kùn sí wọn, owó ńlá sì ni mo fi rà á. Ọ̀rẹ́ mi kan lo irú rẹ̀ gan-an, olùyẹ̀wò kan náà ló sì fọwọ́ sí tirẹ̀. Igi ni iná ń jẹ, irin kì í jóná. Àbí rìbá ni ọkùnrin yìí ń wá?

Ìyá Àdùkẹ́: Ẹ má tètè fẹ̀sùn kan ọmọlọ́mọ. Nígbà tí ilé ìkẹ́rù àbúrò mi jóná, ìtì igi tó nípọn kàn dúdú lára ni, kò wó. Irin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló gùn sí i nínú ooru, tó ti ògiri síta, tó sì tẹ̀ wálẹ̀.

Wẹ́dà Àgbà: Irin kì í yọ́ bí ìgbóná kò bá kọjá 1,400°C, iná ilé kì í sì í dé bẹ́ẹ̀. Ẹ kàn kùn ún lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ sì máa bá iṣẹ́ yín lọ.

Ẹnjiníà: Lóòótọ́ ni pé kò ní yọ́, ṣùgbọ́n kò dìgbà tí irin bá yọ́ kó tó wó. Ẹ wo alágbẹ̀dẹ: irin tó pọ́n nínú iná ṣì le, síbẹ̀ òòlù ń tẹ̀ ẹ́ bó ṣe wù ú. Agbára irin ìkọ́lé kì í fi bẹ́ẹ̀ dín títí dé nǹkan bí 400°C. Ní 550°C, nǹkan bí mẹ́fà nínú mẹ́wàá ló kù, nígbà tó bá sì fi máa di 700°C, ohun tó kù kò tó ìdá kan nínú mẹ́rin. Iná tí a fi ń dán ohun ìkọ́lé wò ń kọjá 840°C láàárín ìṣẹ́jú 30. Ọjọ́ tí agbára tó ṣẹ́ kù kò bá ti tó ẹrù orí òpó mọ́, ó parí nìyẹn. Ẹ kò tíì sọ bí irin òpó yín ṣe nípọn tó, àti iye ìṣẹ́jú tí wọ́n ní kó fara da iná.

Onílé: Ìṣẹ́jú 60 ni wọ́n kọ. Òpó onígun mẹ́rin tó ṣófo nínú ni, ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan jẹ́ mílímítà 100, irin rẹ̀ sì nípọn ní mílímítà 4. Ti ọ̀rẹ́ mi jẹ́ mílímítà 10, ṣùgbọ́n bákan náà ni wọ́n rí lójú, bákan náà la sì ṣe kùn wọ́n.

Ẹnjiníà: Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ara òde ni ooru ń gbà wọlé, òde òpó méjèèjì sì dọ́gba, àmọ́ irin tó wà nínú tiyín kò tó ìdajì tirẹ̀, nítorí náà tiyín yóò gbóná kíákíá ju tirẹ̀ lọ. Ọ̀dà yẹn máa ń wú nígbà tí ìgbóná bá kọjá nǹkan bí 200°C, yóò sì di fóòmù dúdú. Fóòmù náà ló ń dí ooru lọ́nà, kì í ṣe ọ̀dà fúnra rẹ̀. Òpó tó fẹ́lẹ́ ń fẹ́ ọ̀dà tó nípọn jù. Ẹ wo tábìlì ilé iṣẹ́ tó ṣe é, kí ẹ sì fi ẹ̀rọ wọn bí ó ṣe nípọn lẹ́yìn tó gbẹ.

Bíríkìlà: Èmi kò mọ ọ̀rọ̀ ọ̀dà. Kankéré ni kí ẹ dà bò ó.

Ẹnjiníà: Kankéré dára, nítorí ó ń pẹ́ kí ooru tó la inú rẹ̀ kọjá. Ṣùgbọ́n omi tó bá ṣẹ́ kù nínú rẹ̀ lè di ooru gbígbóná, kó sì bẹ́ ẹ dànù, nítorí náà ó nílò wáyà tí yóò dì í mú. Ẹ ṣírò ìwúwo rẹ̀ lórí ìpìlẹ̀ pẹ̀lú.

Onílé: Ẹ jẹ́ ká fi kankéré sílẹ̀. Mo lè kun ọ̀dà sí i, àmọ́ ọ̀dà olóròóró pupa ti wà lára òpó náà kí a tó kun èyí. Wẹ́dà mi ló ní kí ìpẹtà má bàa mú un.

Wẹ́dà Àgbà: Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wa ń ṣe é. Kí ló burú níbẹ̀?

Ẹnjiníà: Ọ̀dà tí olùṣe ọ̀dà adènà-iná kò fọwọ́ sí lè rọ̀ nínú ooru, fóòmù yóò sì yọ̀ bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ lẹ́yìn tó bá wú. Bí ẹ bá kun èyí tó wù kó pọ̀ sórí rẹ̀, asán ni. Ẹ ha gbogbo rẹ̀ dé ojú irin, tàbí kí ẹ fi pátákó jípúsọ̀mù ká òpó náà mọ́. Omi tó so mọ́ inú jípúsọ̀mù fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú márùn-ún ìwúwo rẹ̀; títí omi náà yóò fi gbẹ tán, ẹ̀yìn pátákó kì í fi bẹ́ẹ̀ kọjá 100°C. Bí ó bá jẹ́ ìlẹ̀pọ̀ méjì, kí ojú ìsopọ̀ wọn má ṣe bára mu, kí ẹ má sì dá a dúró nísàlẹ̀ àjà: ó gbọ́dọ̀ dé abẹ́ ilẹ̀ òkè.

Wẹ́dà Àgbà: Omi ń ba pátákó yẹn jẹ́. Ẹ kò béèrè bóyá òjò ń kan òpó náà.

Onílé: Méjì wà nínú ilé, méjì wà ní fàráńdà.

Ẹnjiníà: Nígbà náà, ẹ fi pátákó bo ti inú, kí ẹ sì ha ti ìta, kí ẹ tó tún un kùn. Ó kù sọ́wọ́ olùyẹ̀wò bóyá yóò gba ọ̀nà méjì nínú ilé kan.