Òjìji àti ẹ̀yìn eléérú nínú fọ́tò físà ìyá mi

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dá sí i. Mo fẹ́ ya fọ́tò físà Amẹ́ríkà fún màmá mi nílé, torí ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n. Ìwọ̀n kò dà mí láàmú: íǹṣì 2 sí 2, kí orí wà láàárín mílímítà 25 sí 35 láti àgbọ̀n dé òkè. Wọ́n ti bọ́ awò ojú, wọn ò sì rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yìn fọ́tò ni ìṣòro. Mo ta aṣọ ìbùsùn funfun sára ògiri. Nígbà tí wọ́n fara tì í, tí mo tan iná fóònù, òjìji yọ lẹ́bàá etí wọn. Mo ní kí wọ́n sún síwájú tó ẹsẹ̀ bàtà 3, mo pa iná, wọ́n kọjú sí fèrèsé. Òjìji lọ, ṣùgbọ́n aṣọ náà wá rí bí eérú. Nígbà tí mo mú kí kámẹ́rà fóònù túbọ̀ gba ìmọ́lẹ̀, aṣọ náà funfun lóòótọ́, àmọ́ iwájú orí wọn ń dán yinrin, àwọ̀ wọn sì ṣí. Mi ò fẹ́ fi áàpù pa ẹ̀yìn rẹ́, torí wọn kì í gba fọ́tò tí a tún ṣe.

Mo ní gílóòbù kan tó ṣeé gbé kiri. Ṣé kí n gbé e sẹ́yìn wọn kó tàn sí aṣọ nìkan? Báwo ló ṣe yẹ kó jìnnà sí aṣọ náà tó?