Ínfátà ńlá tí a kì í pa lóru: èló ló ń jẹ lọ́dún?

Ìyá Ìbejì, Ìkẹjà: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ínfátà wa jẹ́ 10kVA, bátìrì lítíọ́ọ̀mù 48 fólòtì ló ń lò. Láti aago 9 alẹ́ sí 7 àárọ̀, ráútà wáífáì àti gílóòbù kan péré ló wà lórí ẹ̀, síbẹ̀ bátìrì ń lọ sílẹ̀ gan-an kí ilẹ̀ tó mọ́. Èló ni ínfátà fúnra rẹ̀ ń jẹ lọ́dún, kí sì ni kí a ṣe?

Dípọ̀: Bátìrì yín ló ti ń kú, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ínfátà kì í jẹ nǹkan kan. Tí a bá pa gbogbo nǹkan nílé wa, 0 W lojú tiwa máa ń kọ.

Ọ̀gá Wáyà: Màmá, ẹ má tíì náwó sórí bátìrì. 0 W tí Dípọ̀ ń rí, iná tó ń jáde lọ sínú ilé nìkan ló ń kà. Èyí tí ínfátà ń jẹ fúnra rẹ̀ ń tinú bátìrì wá, kò sì dé ibi tí ojú ẹ̀rọ ń wò. Bí a kò tilẹ̀ so nǹkan kan mọ́ ọn, tíránsífọ́mà inú rẹ̀ ń fa iná ní gbogbo ìgbà tó bá wà ní títàn, ti ẹ̀rọ ńlá sì sábà máa ń pọ̀ ju ti kékeré lọ.

Ẹ wọ̀n ọ́n. Ẹ yá mítà tí à ń há mọ́ wáyà, kí ó jẹ́ èyí tó ń ka DC, nítorí èyí tó ń ka AC nìkan kò ní rí nǹkan kan lára wáyà bátìrì. Tí ilẹ̀ bá ti ṣú, tí sólà kò ṣiṣẹ́ mọ́, ẹ pa bírékà tí iná NẸ́PÀ ń gbà wọlé àti èyí tó ń gbé iná lọ sínú ilé, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ínfátà máa tàn. Ẹ tẹ ZERO kí ẹ tó há mítà náà mọ́ wáyà pupa nìkan. Bí ẹ bá há a mọ́ pupa àti dúdú pọ̀, wọn á pa ara wọn rẹ́.

Ká ní 2 áńpù ni ẹ rí, tí bátìrì sì wà ní 52 fólòtì. 104 wáàtì nìyẹn. Ní wákàtí 10, ó ti ju yúnìtì 1 lọ díẹ̀. Lọ́dún, bíi yúnìtì 380. Ní ₦209.5 tí Ikeja Electric gbé owó Báńdì A dé ní oṣù Keje 2024, ó ń lọ sí ₦79,600, láìka VAT. Bí iná NẸ́PÀ ló ń ṣájì bátìrì yín, ẹ fi èyí tó ń ṣòfò nígbà tí a bá ń ṣájì bátìrì kún un: iye náà á tún ga sí i. Ráútà àti gílóòbù, bí wọ́n bá jẹ́ 20 wáàtì, kò ju ₦15,300 lọ.

Ṣeun Sólà: Ẹ ṣáà fi sí ECO, ó tán!

Ọ̀gá Wáyà: Kò tán, Ṣeun. Ní ECO, ínfátà á sùn, á máa jí wò ní ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ bóyá nǹkan wà níta. 20 wáàtì lè kéré jù fún un láti rí. Ẹ ó rí gílóòbù tí ń ṣẹ́jú, ráútà á sì máa kú, á máa jí. Bí ẹ bá wá so nǹkan mìíràn mọ́ ọn kí ó lè rí i, ó ti jí pátápátá nìyẹn, ó sì tún ń jẹ 104 rẹ̀.

Tèmi ni pé kí ráútà kúrò lórí ínfátà. Ẹ wo ara ṣájà rẹ̀. Bí 12V 1A bá wà níbẹ̀, ẹ ra ẹ̀rọ kékeré tó ń sọ 48 fólòtì di 12. Kí ó lè gba 60 fólòtì wọlé ó kéré tán, nítorí bátìrì yín lè dé 57 tó bá kún. Àwọn olówó pọ́ọ́kú tó ní ṣíìpù LM2596 nínú kò kọjá 40 fólòtì, wọn á jóná. Ẹ fi fíúsì 3 áńpù sí wáyà pupa, kó súnmọ́ bátìrì. Gílóòbù 12 fólòtì lè wà níbẹ̀ náà. Lẹ́yìn èyí, ẹ máa fi súìṣì iwájú pa ínfátà lálẹ́, ẹ má fi bírékà bátìrì pa á. Ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá dá a padà ló máa ń ta iná, ẹnu rẹ̀ á sì jẹ tán.

Bàbá Àkàndé, Ọ̀yọ́: Ẹ ṣeun. Bátìrì olómi mẹ́rin, 12 fólòtì ọ̀kọ̀ọ̀kan, ni tèmi. Ṣé mo lè fa ráútà lára ọ̀kan nínú wọn?

Ọ̀gá Wáyà: Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má ṣe é. Ọ̀kan yẹn kò ní kún mọ́, àwọn mẹ́ta yòókù á sì máa gba àgbàjù, omi wọn á gbẹ. Láti ẹnu pupa bátìrì àkọ́kọ́ dé ẹnu dúdú ìkẹrin ni kí ẹ ti fà á, pẹ̀lú ẹ̀rọ kékeré kan náà.

Ìyá Ìbejì: Ẹ kú àlàyé, sà. Bí mo bá pa ínfátà, ṣé sólà á ṣì máa ṣájì bátìrì láàárọ̀?

Ọ̀gá Wáyà: Lórí ọ̀pọ̀ ínfátà, ó ń ṣájì, kì í ṣe lórí gbogbo wọn. Lọ́jọ́ kìíní, ẹ wo fólòtì bátìrì ní aago 9 àárọ̀ kí ẹ tó tàn án. Bí kò bá gòkè, ẹ máa tàn án kí oòrùn tó mú.

Ṣeun Sólà: Àwa tí fíríìjì wà lórí tiwa ńkọ́? Èmi rò pé ínfátà kékeré fún òru nìkan ló dára jù.

Dípọ̀: Iye tí wọ́n ń ta ínfátà kékeré báyìí, ọdún mélòó ni ₦79,600 á fi san án?