Ṣé “ìpẹtà” ni ohun tó ń yí pupa ẹyin ká?

Atúmọ̀ Ìwé Ìdáná:
Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń túmọ̀ ìwé kékeré kan lórí oúnjẹ sísè, mo sì pe àwọ̀ eérú tó dà bí ewé, tí ó máa ń yí pupa ẹyin sísè ká, ní “ìpẹtà ẹyin”. Ṣé ọ̀rọ̀ náà dúró? Kí ló ń fà á, ìṣẹ́jú mélòó ni kí n sì ní kí wọ́n fi sè é kí ó má baà yọ?

Bàbá Olóhùn:
Kò dúró, kò tilẹ̀ jókòó. Nígbà tí mo wà ní kékeré, irin ni ìyá wa àgbà máa ń sọ pé ó dípẹtà: àdá tí òjò pa, tàbí kọ́kọ́rọ́ tí a gbàgbé síta. N kò gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ rí pé ẹyin dípẹtà. Ẹni tí ó bá sì ka ìwé yín níbi tí àmì ìsàlẹ̀ ti já bọ́ lórí “tà” yóò rò pé ìpẹta ni ẹ kọ, igi tí àwọn oníṣègùn ń wa gbòǹgbò rẹ̀. Ṣé ẹyin ni ẹ ń sè ni àbí àgbo? Yàtọ̀ sí èyí, ohun tí ó bá dípẹtà ti ń bàjẹ́ lọ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ẹyin yìí ṣì ṣeé jẹ.

Olùkọ́ Kẹ́mísírì:
Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ arábìnrin náà kò jìnnà sí òótọ́ tó bí ẹ ṣe rò, nítorí pé irin wà níbẹ̀. Inú pupa ẹyin ni irin wà, inú funfun rẹ̀ sì ni imí ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí kàn wà. Bí iná bá pẹ́ lára funfun, imí ọjọ́ yìí a tú sílẹ̀, a di gáàsì tí òórùn rẹ̀ jẹ́ ti ẹyin tó bàjẹ́. Láti ìta ni ooru ti ń wọ inú ẹyin, nítorí náà gáàsì náà a máa sá lọ sí ààrin tí kò tíì gbóná tó. Ní ẹnu ààlà tí funfun ti pàdé pupa ni ó ti ń bá irin pàdé, tí àwọn méjèèjì á di ohun dúdú kan; pupa tó wà lábẹ́ rẹ̀ ló ń mú kí dúdú yẹn jọ àwọ̀ ewé lójú wa. Kò ní májèlé nínú. Nínú ìpẹtà, ọ́síjìn ni irin bá dàpọ̀. Níhìn-ín, imí ọjọ́ ni. Bí ó bá jẹ́ tèmi, “irin-imí” ni n bá pè é.

Bàbá Olóhùn:
Imí! Nínú ìwé oúnjẹ! Olùkọ́, ẹ fi àmì ìsàlẹ̀ sórí rẹ̀ kí ó di ìmí, a ó ní èémí ni. Ẹ yọ ọ́ kúrò, gbogbo wa la mọ ohun tí ẹ gbé síwájú ọlọ́jẹun. “Ọjọ́” ló ń gba “imí ọjọ́” lọ́wọ́ ìtìjú, òun náà sì ni ẹ gé sọnù.

Ọmọ Aládìyẹ:
Ẹ jẹ́ kí a fi imí sílẹ̀. Ẹyin tó ti pẹ́ nílẹ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ ra ẹyin tuntun, ẹ sè é bó ṣe wù yín, kò ní yọ àwọ̀ kankan.

Ìyá Ẹlẹ́yin:
Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé, èmi ẹlẹ́yin kí yín o. Mo ń ta ẹyin sísè ní gáréèjì pẹ̀lú ata gígún. Láàárọ̀ kùtù ni mo ń se kéréètì 1, ẹyin 30, mo sì ń fi í sílẹ̀ nínú omi gbígbóná yẹn kí ó má baà tutù kí èrò tó dé. Ẹyin tuntun ni mo ń rà, síbẹ̀ kò sí èyí tí kì í yọ àwọ̀ yìí. Oníbàárà kan bi mí níjọ́sí bóyá ẹyin àná ni mo gbé fún òun. Mo rò pé irin inú omi kànga ẹ̀rọ wa ló fà á.

Olùkọ́ Kẹ́mísírì:
Ìyá wa, irin inú pupa ẹyin náà ti tó, kò nílò ti kànga. Omi gbígbóná tí ẹ fi í sí ni ẹ mú. Ẹ ti sọ iná kalẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹyin kò mọ̀; ó ṣì ń sè.

Mo dán an wò ní Sátidé. Mo kó ẹyin 6 tí adìyẹ yé ní ọjọ́ 2 ṣáájú sínú omi tó ti ń hó, mo sì dín iná kù kí omi má baà máa gbá wọn káàkiri. Mo yọ 2 ní ìṣẹ́jú 9, 2 ní 12, 2 tó kù ní 20. Nínú èjì kọ̀ọ̀kan, mo ju ọ̀kan sínú omi yìnyín, mo gbé ìkejì sórí àwo. Àwọn ti ìṣẹ́jú 9 mọ́ tónítóní, àmọ́ ààrin wọn ṣì rọ̀. Nínú ti 12, èyí tó wọ inú yìnyín mọ́, ó sì gan dáadáa. Èyí tó wà lórí àwo ní ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú. Àwọn ti 20 yọ àwọ̀ méjèèjì, yìnyín kò gbà wọ́n sílẹ̀, àfi pé ti inú rẹ̀ fẹ́lẹ́ díẹ̀. Ẹyin tuntun ni gbogbo wọn o, Ọmọ Aládìyẹ.

Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ yín ṣófo. Ẹyin tó ti lo bí ọ̀sẹ̀ 3, tí mo sè fún ìṣẹ́jú 12, tí mo sì ju sínú yìnyín, ní àmì díẹ̀ lára. Bí ẹyin bá ti ń pẹ́, afẹ́fẹ́ kan ń gba ihò wẹ́wẹ́ ara èèpo rẹ̀ jáde, funfun rẹ̀ a sì máa dà bí omi kán-ún, èyí tó ń mú kí imí ọjọ́ tú sílẹ̀ kíákíá. Ọjọ́ orí ẹyin ń ràn án lọ́wọ́, ìṣẹ́jú àti ìtutù ló ni í.

Iṣẹ́ 2 ni yìnyín ń ṣe: ó ń dá sísè dúró, ó sì ń mú kí ìta tutù ju ààrin lọ, kí gáàsì tó ṣẹ́kù lè yíjú sí èèpo dípò irin.

Ìyá Ẹlẹ́yin:
Èrò gáréèjì kì í jẹ ẹyin tútù. Ẹyin tuntun tí ẹ ń wí yìí, bí a bá ń bó o, èèpo a máa fa funfun ya. Ta ni yóò ra ẹyin tó dà bí ohun tí eku jẹ?

Olùkọ́ Kẹ́mísírì:
Ẹ fi í sínú omi tútù fún ìṣẹ́jú 10. Bí kò bá sí yìnyín, ẹ máa pààrọ̀ omi náà bó bá ti ń lọ́ wọ́ọ́rọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ lè gbé e sínú omi tí ọwọ́ yín lè gbà, kì í ṣe èyí tó ń hó, kí ó tó kan oníbàárà. Ní ti bíbó, òótọ́ ni ẹ sọ: ẹyin tó ti lo bí ọ̀sẹ̀ 1 rọrùn láti bó ju tuntun lọ.

Bàbá Olóhùn:
A ti kúrò lórí ọ̀rọ̀. Mo fi “òrùka dúdú” lélẹ̀. Àwọn baba wa ka ewé tútù mọ́ dúdú, kò sí ìdí tí a ó fi máa wá àwọ̀ kiri.

Atúmọ̀ Ìwé Ìdáná:
Ẹ ṣeun, Bàbá, ṣùgbọ́n mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bó ọ̀kan láìgé e, mo sì yọ pupa rẹ̀ jáde lódindi. Gbogbo ara rẹ̀ ló ṣú, kò sí òrùka níbẹ̀. Ọ̀bẹ ló ń sọ ọ́ di òrùka. Awọ ni.

Bàbá Olóhùn:
Ta ní ń jẹ ẹyin láìgé e?

Ìyá Ẹlẹ́yin:
Èmi ni, Bàbá. Èmi kì í gé e.