«Owó tí mò ń retí» tàbí «àbá owó oṣù»?

Ọmọ Ọ̀ṣogbo: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ilé iṣẹ́ rédíò kan ní Ìbàdàn ń wá olóòtú ìròyìn Yorùbá. Wọ́n ní ká fi Yorùbá kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́, ká sì kọ owó oṣù tí à ń retí sínú rẹ̀. Lẹ́tà tí kò bá ní in, wọn ò ní kà á. Kí ni kí n pe owó yìí, báwo ni kí n sì ṣe kọ ọ́?

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Má dárúkọ iye kankan. Ẹni tó bá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ owó ló ń pàdánù. Kọ «a ó dúnàádúrà» síbẹ̀.

Màmá Ìfẹ̀yìntì: Ọmọ mi, ìyẹn dára níbi tí wọn ò bá ti fi dandan lé e. Ó pẹ́ tí mo ti ń ka lẹ́tà ìwáṣẹ́ kí n tó fẹ̀yìn tì. Tí a bá ti kéde bẹ́ẹ̀, èyí tí kò ní iye la kọ́kọ́ ń yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ní ti ọ̀rọ̀, «retí» kò tẹ́ mi lọ́rùn. À ń retí òjò, à ń retí àlejò, ọwọ́ ẹlòmíì ni wọ́n wà. Ìwọ ló ń dá iye lé iṣẹ́ rẹ. «Àbá owó oṣù» ni èmi yóò kọ, torí a lè dá àbá, a sì lè yí i padà.

Ohun tó ń fa wàhálà jù ni pé ènìyàn kì í sọ bóyá kí wọ́n tó yọ nǹkan ni àbí lẹ́yìn tí wọ́n bá yọ ọ́. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ọdún 2014 ní kí wọ́n yọ ó kéré tán náírà 8 nínú 100 lára owó oṣù, owó ilé àti owó ọkọ̀ òṣìṣẹ́. Tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá jẹ́ 300,000, 24,000 ti lọ kí owó orí tó dé. Ìwọ tí 300,000 wà lọ́kàn rẹ pé yóò bọ́ sí àpò, inú á bí ọ lóṣù àkọ́kọ́.

Má sì kọ «láàárín 280,000 sí 330,000» tí 280,000 kò bá tó ọ. Èyí tó kéré ni agbanisíṣẹ́ máa rí.

Ará Lọ́ńdọ̀nù: Níbí, owó ọdún ni wọ́n ń sọ. Mo kọ 2,400 sí lẹ́tà kan láìfi «lóṣù» kún un, wọ́n sì pè mí pé ṣé mo ṣe àṣìṣe ni. «Owó oṣù» kò bá ìlú wa mu. Ẹ jẹ́ ká ní «àbá owó iṣẹ́».

Màmá Ìfẹ̀yìntì: Ẹ̀yin ará òkè òkun, owó iṣẹ́ ni a ń san fún birikilà tó parí ògiri. Ti olóṣù yàtọ̀.

Ọmọ Ọ̀ṣogbo: Ẹ ṣé, mà. Mo kọ ọ́ sí ìparí lẹ́tà báyìí: «Àbá owó oṣù tí mo dá ni 300,000 náírà lóṣooṣù, kí ẹ tó yọ owó orí àti owó ìfẹ̀yìntì. A lè jọ sọ ọ́ síwájú sí i nígbà tí mo bá mọ gbogbo ohun tí iṣẹ́ náà kó mọ́ra.»

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ó mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n etí mi ṣì ń gbọ́ «àbá» bí ohun tí ìgbìmọ̀ ń dá, kì í ṣe ẹnì kan ṣoṣo.