Rìsíìtì 91,875 náírà, ènìyàn mẹ́rin: báwo lẹ ṣe ń pín tiyín?

Akápò_Ọ̀ràn
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ibí. Rìsíìtì ilé oúnjẹ kan ní Lẹ́kì ló wà lọ́wọ́ mi, sikirinṣọ́ọ̀tì ni. Èmi ni mo sanwó, àwọn mẹ́ta yòókù ń dúró kí n pe iye tó kàn wọ́n. Ẹja yíyan ńlá kan, 24,000: àwa mẹ́ta la jẹ ẹ́, ẹnì kan kì í jẹ ẹja. Àwo dòdò kan, 8,000: gbogbo wa la jẹ ẹ́. Èmi jẹ ìrẹsì 9,000. Ẹnì kejì jẹ ẹ̀bà pẹ̀lú ẹ̀fọ́, 11,000. Ẹnì kẹta jẹ ìrẹsì 9,000, ó sì mu ìgò ọtí mẹ́ta, 2,000 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí kì í jẹ ẹja jẹ ẹ̀wà 7,000, ó mu omi 1,000. Ìsàlẹ̀ rìsíìtì rèé:

```
Subtotal             75,000
Service Charge 10%    7,500
VAT 7.5%              5,625
Consumption Tax 5%    3,750
TOTAL                91,875
```

Típù tún wà níbẹ̀ lọ́tọ̀, mo ń bọ̀ wá bá a. Báwo ni ẹ̀yin ṣe ń pín irú èyí?

Baba_Jẹ́jẹ́
Pín in sí mẹ́rin, ká lọ sùn.

Ọ̀tá_Ìrẹ́jẹ
@Baba_Jẹ́jẹ́ Ìyẹn ni pé ẹni tó jẹ ẹ̀wà, tó mu omi, tó sì tọ́ dòdò díẹ̀ wò, á san 22,968 náírà àti kọ́bọ̀ 75. Ẹ pè é wá, kẹ́ ẹ sọ ọ́ lójú ẹ̀.

Ìyá_Oníṣirò
Kí ẹ tó pín ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá sikirinṣọ́ọ̀tì yẹn pé. Ẹ ro gbogbo ìlà oúnjẹ pọ̀, kó bá Subtotal mu. Ti Akápò: 24, 8, 9, 11, 9, 6, 7 àti 1, ẹgbẹ̀rún 75 ni. Ó pé. Ká ní ẹni tó ya àwòrán ti gé ìlà omi kúrò, 74,000 lẹ máa rí, ẹ ó sì mọ̀ pé 1,000 wà tí ojú yín kò tó. Orí ìlà ọtí ni àwọn ènìyàn ti máa ń ṣìnà jù: rìsíìtì á kọ 3, á kọ 2,000, á tún kọ 6,000 sí ẹ̀gbẹ́. Ẹlòmíì á tún fi mẹ́ta sọ 6,000 di púpọ̀, ẹlòmíì á mú 2,000 nìkan. Iye tó wà lápá ọ̀tún pátápátá lẹ máa mú.

Lẹ́yìn ìyẹn, oúnjẹ nìkan ni kẹ́ ẹ pín. Ẹ fi ìsàlẹ̀ sílẹ̀ ná. Ẹja lọ́nà mẹ́ta, 8,000. Dòdò lọ́nà mẹ́rin, 2,000. Akápò di 19,000. Ẹlẹ́bà di 21,000. Ọlọ́tí di 25,000. Ẹlẹ́wà di 10,000. Ẹ rò wọ́n pọ̀, 75,000.

Wàyí o, ẹ fi Subtotal pín TOTAL: 91,875 pín sí ọ̀nà 75,000, 1.225 ló jáde. Ẹ fi 1.225 sọ oúnjẹ kálukú di púpọ̀. Akápò 23,275. Ẹlẹ́bà 25,725. Ọlọ́tí 30,625. Ẹlẹ́wà 12,250. Ẹ tún rò ó, 91,875 gbáko, kọ́bọ̀ kan ò sọnù.

Ọ̀tá_Ìrẹ́jẹ
Ẹlẹ́wà bọ́ lọ́wọ́ ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá àti ẹ̀rí ọkàn yín.

Bọ̀dá_Kalikulétọ̀
Kí ló dé tí a ń pín ìsàlẹ̀ sí òkè? 10 pẹ̀lú 7.5 pẹ̀lú 5, 22.5 ni. Ẹ fi ìdá 22.5 nínú ọgọ́rùn-ún lé oúnjẹ kálukú. Bó ṣe rí ní gbogbo Èkó nìyẹn.

Ìyá_Oníṣirò
@Bọ̀dá_Kalikulétọ̀ Lórí rìsíìtì yìí, òótọ́ lẹ sọ. Ní gbogbo Èkó kọ́. Àwọn ibì kan ń kọ́kọ́ fi Service Charge lé oúnjẹ, wọ́n á wá gbé owó orí lé àpapọ̀ méjèèjì. 75,000 á di 82,500. Owó orí méjèèjì á wá jẹ́ 10,312 náírà àti kọ́bọ̀ 50, àpapọ̀ á di 92,812.50. Ìyẹn 1.2375, kì í ṣe 1.225. Bí ẹ bá fi 22.5 pín in, owó ò ní pé, ẹni tó sanwó á sì pàdánù 937.50. Àwọn ibòmíì tún wà tí VAT ti wà nínú iye orí mẹ́nù, tí wọ́n kàn ń kọ ọ́ sísàlẹ̀ kẹ́ ẹ lè mọ̀. Bí ẹ bá tún rò ó mọ́ ọn, ẹ ti san án lẹ́ẹ̀mejì. Ìdí tí mo fi ń pín ìsàlẹ̀ sí òkè nìyẹn: mi ò nílò láti mọ ohun tí wọ́n ṣe láàárín.

Bọ̀dá_Kalikulétọ̀
Ó dáa, mo gbọ́. Àmọ́ 22.5 yá jù lórí ìjókòó.

Ọmọ_Pẹ́kámù
Níbí ní Lọ́ńdọ̀nù, 12.5 ni wọ́n sábà máa ń fi sí i, kò sì pọn dandan. Ẹ sọ fún agbáwo kó yọ ọ́ kúrò, ó tán. Kí ni gbogbo ìṣirò yìí?

Akápò_Ọ̀ràn
@Ọmọ_Pẹ́kámù Mo ti sanwó, bọ̀dá. Pípín ni mo ń bèèrè, mi ò bèèrè yíyọ.

Ọmọ_Pẹ́kámù
Ẹ má bínú, mo sáré kà á. Bó bá jẹ́ ti pípín, tiwa rọrùn ju tiyín lọ: VAT ti wà nínú iye orí mẹ́nù níbí, Service nìkan ló máa ń gorí ẹ̀, nítorí náà 1.125 ni. Ẹ má rò pé ọ̀gá ilé oúnjẹ ń kó o sápò o. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 2024 ni òfin ti ní àwọn òṣìṣẹ́ ni kí wọ́n pín gbogbo ẹ̀ fún.

Ẹ̀gbọ́n_Sùúrùlérè
Mo fara mọ́ gbogbo ohun tí Ìyá sọ, àfi ti Service Charge. Agbáwo kan náà ló gbé àwo wá fún gbogbo wọn. Àwo ẹ̀wà kò fúyẹ́ ju àwo ìrẹsì lọ. 7,500 lọ́nà mẹ́rin, 1,875 fún kálukú. Owó orí nìkan ni kó tẹ̀lé oúnjẹ.

Ìyá_Oníṣirò
Ẹ̀gbọ́n, ilé oúnjẹ ò ka iye ìgbà tí agbáwo rìn. Iye oúnjẹ ni wọ́n kà. Ká ní ọlọ́tí ò mutí rárá, 600 náírà ni ì bá dín kúrò nínú 7,500 yẹn. Ó yẹ kí ẹni tó fà á san án. Pẹ̀lú tèmi, 1,000 ni ti ẹlẹ́wà nínú Service, 2,500 ni ti ọlọ́tí.

Ẹ̀gbọ́n_Sùúrùlérè
Agbáwo náà ló ṣí ìgò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òótọ́ ni. Àmọ́ ẹni tó pe ẹja 24,000 kò yọ ọ́ lẹ́nu ju ẹni tó pe ẹ̀wà lọ. Mi ò tíì gbà.

Ọ̀tá_Ìrẹ́jẹ
Ẹ jẹ́ kí Ẹ̀gbọ́n máa san 1,875 tiẹ̀, kó fi ìyókù ṣe sàráà.

Olórí_Ẹja
Kò sí ẹni tó bèèrè ọ̀rọ̀ gidi. Nínú ẹja yẹn, ta ló jẹ orí? Ta ló jẹ ìrù? 8,000 fún ìrù kò bójú mu.

Ìyá_Oníṣirò
@Olórí_Ẹja Bó bá le tó bẹ́ẹ̀, ẹ má fi iye ènìyàn pín in, ẹ fi ìpín pín in. Ẹni tó jẹ tó bó ṣe yẹ, ìpín méjì. Ẹni tó jẹ díẹ̀, ìpín kan. Méjì, méjì, ọ̀kan jẹ́ márùn-ún. 24,000 lọ́nà márùn-ún, 4,800. Oní-ìrù san 4,800, àwọn méjì yòókù san 9,600. Ẹ pinnu ìpín kí ẹja tó tán o, nítorí lẹ́yìn tó bá tán, gbogbo ènìyàn ló jẹ ìrù. Lórí dòdò, mi ò ní dá ara mi láàmú: bí ẹnì kan bá jẹ ààbọ̀ ìpín, àwọn mẹ́ta tó kù kò ní fi ju 286 náírà lé tiwọn.

Baba_Jẹ́jẹ́
Mo ní ká sùn.

Akápò_Ọ̀ràn
Ó ku típù. Rìsíìtì ní 91,875, àmọ́ àlẹ́ẹ̀tì báńkì mi ní 96,875. Ẹlẹ́bà ní kí n fi 2,000 kún un fún agbáwo, ọlọ́tí ní 3,000. Ẹlẹ́wà ní òun ò fi nǹkan kan sí i, Service ti tó. Èmi náà ò fi sí i.

Bọ̀dá_Kalikulétọ̀
Ó rọrùn. Fi 75,000 pín 96,875 bí Ìyá ṣe ṣe, o ti pín típù mọ́ ọn.

Ìyá_Oníṣirò
Rárá o! Ibẹ̀ gan-an ló ti máa ń bàjẹ́. Bí ẹ bá lo àlẹ́ẹ̀tì dípò TOTAL, ẹ ti gba 667 náírà lọ́wọ́ ẹlẹ́wà fún típù tó ti ní òun ò san. TOTAL orí rìsíìtì ni kẹ́ ẹ lò. Ohun tí àlẹ́ẹ̀tì bá fi lé e, típù ni, ẹni tó ní kí wọ́n fún agbáwo ló ni ín. Ẹ gbé e lé e lórí lẹ́yìn tí ìsọdipúpọ̀ bá ti parí. Ẹlẹ́bà: 25,725 àti 2,000, 27,725. Ọlọ́tí: 30,625 àti 3,000, 33,625. Ẹlẹ́wà dúró sórí 12,250. Àwọn mẹ́ta á fi 73,600 ránṣẹ́ sí yín, 23,275 jẹ́ tiyín, méjèèjì pọ̀ jẹ́ 96,875. Bí ẹnì kan bá sì ti fún agbáwo ní típù lówó tútù, kò sí nínú àlẹ́ẹ̀tì, ẹ má kà á rárá.

Ọmọ_Ẹ̀ksẹ́ẹ̀lì
Ẹni tó bá ń ṣe é lórí Ẹ̀ksẹ́ẹ̀lì, ẹ kọ oúnjẹ kálukú sí B2 dé B5, Subtotal sí B6, TOTAL sí B7, típù kálukú sí C2 dé C5. Ẹ kọ èyí sí D2, kí ẹ wá fà á dé D5:

```
=B2*$B$7/$B$6+C2
```

Bí ẹ bá gbàgbé àwọn àmì dọ́là yẹn, D3 á lọ wá B8 tó ṣófo, owó oúnjẹ ẹni yẹn á di òdo, típù ẹ̀ nìkan ló máa kù.

Ọ̀tá_Ìrẹ́jẹ
50 náírà orí tíránsífà ńkọ́? Ẹlẹ́wà ń fi ju 10,000 ránṣẹ́, wọ́n á yọ ọ́.

Ẹ̀gbọ́n_Sùúrùlérè
Ẹni tó gbà á ni wọ́n ń yọ ọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹni mẹ́ta, 150 lọ lọ́wọ́ Akápò.

Ọmọ_Ẹ̀ksẹ́ẹ̀lì
Àtijọ́ nìyẹn, Ẹ̀gbọ́n. Láti oṣù kìíní ọdún 2026, ẹni tó fi ránṣẹ́ ni.

Akápò_Ọ̀ràn
Ẹ ṣé gan-an. Mo ti fi iye ránṣẹ́ sí wọn. Ẹlẹ́wà ti sanwó. Ọlọ́tí ní ìgò méjì péré lòun mu, pé èmi ni mo mu ìkẹta.

Ọ̀tá_Ìrẹ́jẹ
Ṣé ìwọ lo mu ún?

Akápò_Ọ̀ràn
Mo tọ́ ọ wò.

Ìyá_Oníṣirò
Fi 1.225 sọ 2,000 di púpọ̀, 2,450. Yọ ọ́ kúrò lórí tiẹ̀, gbé e sórí tìrẹ. 31,175 ló kù lọ́rùn ẹ̀.